Ohun Tí 37 Ń Sọ Lára Ológbò: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ooru Ara Ajá, Ológbò àti Èèyàn

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá àti ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò. Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo kọ sójú pátákó yìí kí ẹ tó jókòó: 37.0, 38.7 àti 39.1. Dígíríì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn. Mo ní kí ẹ kà á sí pé ológbò mẹ́ta ni a fi tẹmómítà wọ̀n, kí ẹ wá sọ fún mi èwo nínú wọn ni ká gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá. Ọ̀pọ̀ yín nawọ́ sí 39.1. Àwọn díẹ̀ nawọ́ sí 38.7. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí 37.0, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ara rẹ̀ kò yá. Àwọn méjì yòókù, ara wọn dá ṣáṣá.

Mi ò bá yín wí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé 37 ni ooru ara tó pé. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Carl Wunderlich ló fìdí nọ́ńbà yẹn múlẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1868, lẹ́yìn tó ti fi tẹmómítà sábẹ́ abíyá ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn. Títí dòní, ara èèyàn tó dá máa ń wà láàárín 36 sí 37 àti díẹ̀ lé, tó bá sì ti dé 38, a ó ní ibà ti dé. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà tiwa ni, kì í ṣe ti ajá, kì í ṣe ti ológbò.

Ara ajá tó dá, ara ológbò tó dá, àárín 38 sí 39.2 ni wọ́n máa ń wà. Ohun tó jẹ́ ibà lára ọmọ yín, ìlera ni lára ajá yín. Ohun tó sì jẹ́ ìlera lára yín, òtútù tó ń wọ inú egungun ni lára ológbò. Ẹni tó bá ń lo tẹmómítà tó ń fi Fárẹ́ńháìtì hàn, 98.6 ni tèèyàn tí gbogbo wa mọ̀, tàwọn ẹran wọ̀nyí sì wà láàárín 100.4 sí 102.6. Mo máa lo Sẹ́lísíọ́ọ̀sì títí tí n ó fi parí, kí nọ́ńbà má baà pọ̀ jù lórí wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ọwọ́ wa lọ́wọ́ iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Èèyàn á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn ajá, níbi tí irun kò ti pọ̀, á ní, “Ara ajá yìí gbóná o!” Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbóná. Ó gbọ́dọ̀ gbóná. Àtẹ́lẹwọ́ wa tutù ju inú ara wa lọ, inú ara wa náà sì tutù ju ti ajá lọ. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ kan tí ẹ máa fọwọ́ kan ikùn ajá tó dá tí kò ní gbóná lọ́wọ́ yín. Etí náà ń tanni jẹ: bí ajá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn nínú oòrùn, etí rẹ̀ á gbóná, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú afẹ́fẹ́ tútù dé, á tutù, ohun tó wà nínú ara kò sì yí padà. Ti imú tí gbogbo ayé ń sọ ńkọ́? Imú ajá máa ń gbẹ nígbà tó bá jí lójú oorun, ó tún máa ń tutù nígbà tó bá lá a. Mo ti wọn ajá tí imú rẹ̀ tutù bí omi àmù, tẹmómítà sì fi 40.3 hàn mí. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ń ròyìn imú fún mi, mo máa ń rọra dá a dúró pé kó lọ mú tẹmómítà wá.

Tẹmómítà wo? Èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú rẹ̀, tó ń lo bátìrì, tí orí rẹ̀ rọ̀ tó lè tẹ̀. Ẹ má lo onígíláàsì, torí bí ẹran bá yíra padà lójijì, ó lè fọ́ sí i nídìí. Ẹ kọ orúkọ ẹran náà sára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà fi sẹ́nu. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ihò ìdí la ti ń wọn ajá àti ológbò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń sá fún un, tí wọ́n ń wá ibòmíì. Abẹ́ abíyá ẹran ṣeé wọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa fi hàn máa ń fi ìdajì dígíríì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí ooru tó wà nínú ara gan-an, kì í sì í dín bákan náà ní gbogbo ìgbà. Èyí tí a ń nà sí iwájú orí èèyàn, awọ tí kò nírun ni wọ́n ṣe é fún, kò wúlò lára ẹran onírun. Èyí tí a ń ki bọ etí èèyàn kò lè dé ibi tó yẹ kó dé, torí ihò etí ajá kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ kó tó yà sínú.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹran náà ti sinmi fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, torí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán lè kọjá 39.2 láìsí àìsàn kankan. Ẹ jẹ́ méjì bó bá ṣeé ṣe. Ẹnì kan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ajá, á fi apá kan gbá a mọ́ra lábẹ́ ọrùn, á máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ológbò ní tirẹ̀, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú, kí ìrù àti ìdí nìkan yọ síta. Ẹ fi fásílíìnì pa orí tẹmómítà. Ẹ gbé ìrù sókè díẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ ti orí tẹmómítà wọlé pẹ̀lẹ́, kó má ju ìwọ̀n sẹ̀ńtímítà kan sí méjì lọ fún ológbò tàbí ajá kékeré, méjì sí mẹ́ta fún ajá ńlá. Bó bá dúró tí kò lọ mọ́, ẹ má tì í. Ẹ dúró díẹ̀, iṣan ìdí á dẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá wà níbẹ̀, tí orí tẹmómítà gún inú ìgbẹ́, ooru ìgbẹ́ lẹ ń wọ̀n, ẹ kò wọn ti ara. Nọ́ńbà tó máa jáde á kéré ju òótọ́ lọ. Ẹ fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí orí rẹ̀ lè fara kan ògiri inú ìdí. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dún. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ lára, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì kéré, ẹ nù ún, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: nọ́ńbà, aago tí ẹ wọ̀n ọ́n, àti ohun tí ẹran náà ń ṣe kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹran tó bá fẹ́ bu yín jẹ, tàbí tí mímí ti ń ṣòro fún, ẹ fi tẹmómítà sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bẹ́ẹ̀. Ìjàkadì lè pa ẹran tí kò rí èémí mí.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín láti ṣe ni pé kí ẹ wọn ẹran yín nígbà tí ara rẹ̀ dá. Ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà kan lóòjọ́, lásìkò kan náà. Ajá kan lè máa wà ní 38.2 ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, òmíràn ní 38.9. Ọjọ́ tí ajá 38.2 yẹn bá dé 39.3, ó ti gòkè ju dígíríì kan lọ. Fún èkejì, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan.

Ó yá, kí la máa ṣe sí nọ́ńbà tó ga? Bó bá wà láàárín 39.2 sí 39.5, tí ẹran náà ń jẹun, tó ń ṣeré, ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi níbi tó tutù fún ìdajì wákàtí, kí ẹ tún un wọ̀n. Ológbò pàápàá, ìbẹ̀rù nìkan lè tì í gòkè débẹ̀. Bó bá ti kọjá 39.5 lẹ́yìn tó ti sinmi, ẹ pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Bó bá ti dé 40, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Bó bá dé 41, ẹ máa lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru, torí ní ìwọ̀n yẹn, ọpọlọ, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà lè ní ìtàn méjì, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń ṣàkóso ooru ara. Nígbà tí kòkòrò àìsàn bá wọlé, ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ pé kí ara gbóná sí i kí ó lè bá kòkòrò náà jà. Ibà nìyẹn. Ẹran tó ní ibà máa ń káko, á máa gbọ̀n, á máa wá ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ti wà ní 40. Bí ẹ bá da omi tútù sí i lára, ẹ ń bá àṣẹ ọpọlọ rẹ̀ jà ni, á túbọ̀ máa gbọ̀n. Irú èyí, ẹ fún un lómi mu, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ sì gbé e lọ kí dókítà wá ohun tó fà á. Lára ológbò tó máa ń jáde, ó sábà máa ń jẹ́ ojú eyín ológbò mìíràn. Ihò eyín náà kéré, awọ á tètè padé lórí rẹ̀, ọyún á sì máa kó jọ lábẹ́. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ibà á dé, oówo á yọ ní ìdí ìrù tàbí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìtàn kejì ni ti ẹran tí ooru ìta borí. Ọpọlọ rẹ̀ kò pàṣẹ kankan. Ó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa, tàbí ó sáré nínú oòrùn ọ̀sán. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Ẹnu ló fi ń lé ooru jáde, nípa mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n síta. Ajá tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ kò lè ṣe ìyẹn dáadáa, ìdí nìyẹn tí ooru fi ń tètè mú un. Irú ẹran yìí kì í káko, ńṣe ló máa ń na ara gbalaja, á mí hẹlẹhẹlẹ láìdáwọ́dúró, itọ́ rẹ̀ á ki, èrìgì rẹ̀ á pọ́n rokoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yẹ̀. Fún èyí, omi ni nǹkan àkọ́kọ́, kí ẹ tó gbéra lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ gbé e síbi ìbòòji, ẹ da omi tó tutù níwọ̀nba sí i lára, kó dé awọ lábẹ́ irun, ẹ máa fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ tàbí kí ẹ tan fáànù sí i. Ẹ má da táwẹ́ẹ̀lì tútù bò ó kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, torí táwẹ́ẹ̀lì náà á gbóná láìpẹ́, á sì há ooru mọ́ ọn lára. Ẹ máa wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń dà á. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 39.5, ẹ dáwọ́ omi dúró, kí ara má baà sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Bó tilẹ̀ dìde tó ń mi ìrù, ẹ gbé e lọ síbẹ̀, torí ìbàjẹ́ tí ooru ṣe sí kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ lè má hàn títí di ọjọ́ kejì. Ní ti ológbò, kì í sábà la ẹnu mí. Ológbò tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá, ohunkóhun tí tẹmómítà ì báà sọ, ẹ gbé e lọ.

Mo ti sọ̀rọ̀ nípa gíga tó. Ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí, torí ibẹ̀ ni ẹran ń kú sí lójú olówó rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é.

Bàbá kan gbé akọ ológbò ọlọ́dún mẹ́rin wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó fẹ́ràn ẹran rẹ̀ ni, ó sì fara balẹ̀. Ó mú ìwé kékeré dání tó kọ gbogbo nǹkan sí. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ológbò náà ń wọ inú àpótí yanrìn rẹ̀, á lóṣòó, á jáde, á tún padà. Ó ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá. Bàbá rò pé ìgbẹ́ ló há a. Ní àárọ̀, ológbò bì lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ fara pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n, bó ṣe yẹ, nídìí, ó rí 37.0. Ó tún fi òmíràn wọn ara rẹ̀, ó rí 36.7. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, mo fojú mi rí i: “Kò sí ibà. Ara rẹ̀ rí bíi tèmi.” Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ológbò ti nà sílẹ̀, etí rẹ̀ tutù, kò lè gbé orí. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n lórí tábìlì, 35.8 ni. Ọkàn ológbò tí ẹ̀rù ń bà ní ilé ìwòsàn máa ń lù ju ìgbà 160 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ti eléyìí ń lù ní 104, ó ń lù jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó sùn. Mo fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, àpò ìtọ̀ rẹ̀ tóbi, ó sì le bí ọsàn. Ihò ìtọ̀ rẹ̀ ti dí pa.

Ẹ jẹ́ kí n to ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ fún yín. Ihò ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín gan-an ní òpin rẹ̀. Ẹ̀tù bíi yanrìn àti ikun lè dí i. Bí ìtọ̀ kò bá jáde, kíndìnrín kò rí ibi da ìdọ̀tí sí mọ́, èròjà kan tó ń jẹ́ pọtásíọ̀mù á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Pọtásíọ̀mù tó pọ̀ jù ló ń dẹ́kun ọkàn, tó ń jẹ́ kó máa lù jẹ́jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò wá rìn dáadáa mọ́, ooru kò dé ibi tó yẹ kó dé, ara bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nítorí náà, 37.0 àárọ̀ yẹn kì í ṣe ìròyìn pé kò sí ibà. Ìròyìn ni pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nínú ológbò tí ihò ìtọ̀ rẹ̀ dí, bí ara bá tutù tí ọkàn sì ń lù jẹ́jẹ́ báyìí, a kì í dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

A gún un ní abẹ́rẹ́ kálíṣíọ́ọ̀mù sínú iṣan láti gba ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, a fa omi sí i lára, a fi ooru yí i ká díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọkàn ti lágbára, a fún un lóògùn oorun díẹ̀, a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ la ihò náà, ìtọ̀ pupa rúsúrúsú sì ya jáde. Rọ́bà yẹn wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ooru ara rẹ̀ jẹ́ 37.9, ní ọjọ́ kẹta 38.5, ó sì jẹun. Ó yè é. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́wàá tó kọjá láàárín 37.0 àti 35.8 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì fà á ni pé èèyàn rere kan fi nọ́ńbà tirẹ̀ wọn ológbò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ìsàlẹ̀ náà sí nọ́ńbà. Bí tẹmómítà bá fi ohun tó kéré ju 37.8 lọ hàn lára ajá tàbí ológbò tó ti dàgbà, ẹ kọ́kọ́ tún un wọ̀n, torí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá kéré ju 37.5 lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pe dókítà. Bó bá ti dé 37.2 tàbí kó lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e lọ kíákíá, kí ẹ fi aṣọ wé e lójú ọ̀nà. Ẹ má gbé ike omi gbígbóná lé awọ rẹ̀ ní tààrà. Ẹran tí ara rẹ̀ ti tutù kò lágbára láti yẹra, iná omi lè jó o. Akọ ológbò tó bá sì ń lóṣòó nínú yanrìn tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má tilẹ̀ wá tẹmómítà kiri. Ẹ gbé e lọ, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 38.5.

Àyè méjì péré ni nọ́ńbà kékeré kò ti ní láti dẹ́rù bà yín. Ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò tíì lè ṣe ooru ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó lè wà láàárín 35 sí 37, ìyá rẹ̀ ló ń mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tó bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, á ti dà bíi ti àgbà. Èkejì ni abo ajá tó fẹ́ bímọ. Ara rẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ 37.2 nígbà tó bá ku bí ọjọ́ kan kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á tún gòkè. Àwọn tó ń sin ajá fún ọmọ máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nítorí èyí. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọjọ́ kan gbáko kọjá tí ìrọbí kò bẹ̀rẹ̀, ẹ pe dókítà.

Mo ní láti mẹ́nu kan oògùn, torí àṣìṣe nọ́ńbà ló sábà ń mú un wá. Ẹnì kan á rí 38.9 lára ológbò, á sọ pé ibà ni, á wá fọ́ parasitamọ́ọ̀lù sínú oúnjẹ rẹ̀. Ológbò náà kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe é. Ẹ̀dọ̀ki ológbò kò ní ọ̀nà tí tiwa ń gbà sọ oògùn yẹn di aláìlóró. Oró rẹ̀ á ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi tí kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, èrìgì á di àwọ̀ ilẹ̀, ojú àti ẹsẹ̀ á wú. Ègé kan ṣoṣo tí èèyàn ń lò lè pa á. Aibuprofẹ́ẹ̀nì náà ń dá egbò sí inú ajá àti ológbò, ó sì ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Kò sí nọ́ńbà kankan lórí tẹmómítà, ì báà jẹ́ 41, tó ní kí ẹ lọ ṣí àpótí oògùn tiyín fún ẹran. Bí ẹ bá ti fún un kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sọ fún dókítà láìtijú, orúkọ oògùn àti iye rẹ̀, torí oògùn tó ń dènà oró yẹn wà, àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá tètè fún un ló máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ìyá kan béèrè ìbéèrè níwájú níbí, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ ọ. Wọ́n ní, “Dókítà, abo ajá mi jẹ́ 38.6 ní àárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta kò jẹun dáadáa, ó sì ń mu omi bí ẹni pé iyọ̀ ló jẹ. Ṣé kí n dúró títí ara rẹ̀ fi máa gbóná?” Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní rárá. Mo bi wọ́n ìgbà tó wá akọ kẹ́yìn. Wọ́n ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìyá mi, ẹ má dúró. Lẹ́yìn ìgbà tí abo ajá bá wá akọ, ní nǹkan bí oṣù kan sí méjì, ọyún lè kún ilé ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ní in, tẹmómítà kò rí nǹkan kan lára wọn. Ibà lè má sí rárá títí tí oró fi máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, nígbà náà ara á tilẹ̀ máa tutù ni. Omi tó ń mu yẹn àti oúnjẹ tó kọ̀ tó láti gbé e lọ lónìí. Ẹ sọ 38.6 yẹn fún dókítà, ẹ sọ aago tí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè máa lọ báyìí, a ó bá yín tọ́jú ìjókòó yín.